Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra sólà ní Ìkòròdú: ẹ ṣọ́ra fún kọntiróólà tí wọ́n lẹ MPPT mọ́ lára

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ ń múra láti ra sólà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Kọntiróólà ni ẹ̀rọ tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, tó ń darí iná tó ń wọ bátìrì; PWM ni irú rẹ̀ tí kò wọ́n, MPPT ni èyí tó wọ́n. Oníṣòwò kan ní àdúgbò wa ta kọntiróólà PWM fún mi ní owó MPPT, nígbà tí mo sì lọ fẹjọ́ sùn ún pé bátìrì kì í kún, ó ní kí n wá ra pánẹ́ẹ̀lì méjì sí i.

Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni mo rà, oní-wáàtì 400 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìnfátà oní-fóòtì 12 àti bátìrì olómi méjì tí wọ́n so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, tó fi jẹ́ pé fóòtì 12 náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Iye pánẹ́ẹ̀lì yìí kò kéré rárá. Ilé mi máa ń jẹ yúníìtì mẹ́ta lójúmọ́ lórí mítà NẸ́PÀ, bí mo bá sì fi ọ̀kan kún un nítorí ohun tó ń ṣòfò nínú bátìrì, wáyà àti ìnfátà, ó di mẹ́rin. Bí a bá kó gbogbo oòrùn ojúmọ́ kan jọ ní agbègbè wa, a lè kà á sí bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí náà wáàtì 1,000 ni mo nílò. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ti tó. Ẹ̀kẹrin wà fún oṣù Kẹfà àti Keje tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè.

Síbẹ̀, kò tí ì lu aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ìnfátà á ti máa ké. Nígbà tí ọkùnrin náà wá, ó já bírékà pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó ki mítà ọwọ́ rẹ̀ bọ ojú wáyà, mítà sì gbé 48 jáde. Ó ní, “Ìyá, ẹ ò rí i? Pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, kò kàn tó ni.” Èmi náà gbà á gbọ́. N kò mọ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì tí kò gbé ẹrù kankan yóò máa fi fóòtì gíga hàn, bí kọntiróólà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ èyí tí kò dára.

Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ iná ló tú àṣírí náà. Ní aago kan ọ̀sán, tí oòrùn mú, tí bátìrì kò sì tí ì kún, ó jẹ́ kí bírékà wà lókè, ó wọn ojú wáyà tó ti orí òrùlé wá, ó bá fóòtì 13.4, ó wọn ti bátìrì, ó bá 13.1. MPPT tòótọ́ ì bá jẹ́ kí ti pánẹ́ẹ̀lì wà ní nǹkan bíi 36 sí 41. Ó fi èékánná ṣí sítíkà tó wà níwájú kọntiróólà náà, a sì rí PWM tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lábẹ́.

Ohun tí PWM ń ṣe kò ju pé ó so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì tààrà lọ, bátìrì yóò sì fa fóòtì pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì mi kà pé fóòtì 41 àti ámpù 9.7 ni. Ámpù yẹn kò lè fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà 9.7 ní ìgbà 13 ló ń wọlé, ìyẹn bíi wáàtì 126 láti ara ohun tí mo ra ní 400. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju bíi 500 lọ. MPPT máa ń yí fóòtì tó ṣẹ́kù padà di ámpù fún bátìrì ni, ìdí sì nìyẹn tó fi wọ́n.

Ẹ wo ti bátìrì náà. Kódà ká ní MPPT tòótọ́ ni, wáàtì 1,600 lórí fóòtì 12 yóò tó bíi ámpù 123, bẹ́ẹ̀ 60 ni kọntiróólà tó tà fún mi lè gbé. Bí wọ́n bá so bátìrì méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, pósítíìfù ọ̀kan mọ́ négétíìfù èkejì, kí ó di fóòtì 24, ámpù yóò já sí bíi 61, ó kàn fi díẹ̀ ju 60 lọ ni, MPPT oní-60 tòótọ́ yóò sì dá a dúró sí 60. Ṣùgbọ́n ìnfátà oní-fóòtì 12 lè jóná lórí 24, torí náà mo ní láti pààrọ̀ òun náà.

Bí ẹ bá ń ra MPPT, ẹ bi wọ́n ní fóòtì tó pọ̀ jù tó lè gbà. Pánẹ́ẹ̀lì mi méjì tí a so tẹ̀lé ara wọn lè fi 98 hàn láìgbẹ́rù, àárọ̀ ọyẹ́ sì máa ń gbé e ga sí i, nítorí náà oní-100 léwu. Oní-150 ni kí ẹ gbà. Kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó, ẹ ní kí wọ́n wọn ojú wáyà pánẹ́ẹ̀lì níwájú yín lọ́sàn-án, kí bírékà wà lókè, kí bátìrì má sì tíì kún, torí bó bá ti kún, PWM náà lè fi fóòtì gíga hàn, mítà á sì tan yín jẹ.