Yàrá ọ̀tọ̀ ni, tàbí ilé bàbá?
Bí ìyàwó kan ní Ṣàgámù bá já àṣírí àlè ọkọ rẹ̀, tó sì kó lọ sílé bàbá rẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde, ara á tù ú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí á ti dá ẹjọ́ kó tó mọ ohun tóun fẹ́. Bí lílù bá wà, kó lọ. Bí kò bá sí, yàrá ọ̀tọ̀ la fara mọ́. Kí ọkọ pe àlè náà létí ìyàwó, kó ní ó ti parí, kó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìjẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣí egbò padà. Kí àwọn méjèèjì ṣàyẹ̀wò éèdì, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3, torí kòkòrò náà lè má tètè hàn. Títí dìgbà náà, kọ́ńdọ̀mù ni.