Ọ̀pá ìbọn .223 oníyìí 1:9: ọta 77 gíréènì kọ́ ló wà fún

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá yìí ni 1:9: ilà tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ á yí ọta lẹ́ẹ̀kan kó tó rin ínṣì 9. Fi ọta tó wúwo tó 55 gíréènì sí i, ihò tó máa lu sára páálí á rí roboto. 62 àti 69 náà ò níṣòro. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ ní 77: àwọn ọ̀pá 1:9 kan ń gbà á lọ́jọ́ tí oòrùn mú, àmọ́ tí òtútù bá dé, atẹ́gùn á ki sí i, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ wọ páálí. Ihò á gùn bíi ojú kọ́kọ́rọ́, kò sì ní sí méjì tó sún mọ́ra.

Ẹni tó ti ta òkòtó rí mọ ìdí rẹ̀. Èyí tí ò yí kíkan, ṣíṣubú ni. Atẹ́gùn tí ọta ń là kọjá ń tì í níwájú ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí, ó sì ń fẹ́ dojú imú rẹ̀ dé. Yíyí nìkan ló ń dá a dúró. Bí ọta bá sì ṣe gùn tó ni atẹ́gùn ṣe ń rí ibi dìmú tó. Ìwúwo gan-an kọ́ lẹ́jọ́: ihò kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá, èyí tó bá wúwo jù ò ríbi fẹ̀ sí, àfi kó gùn.

Ẹ wo ìbọn M16A2 àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. 62 gíréènì ni ọta M855 rẹ̀, 1:9 sì tó o. M856, èyí tó ń tan iná lẹ́yìn bó ṣe ń lọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba níwọ̀n, àmọ́ ó gùn jù ú lọ dáadáa, torí oògùn iná inú rẹ̀ fúyẹ́ ju òjé. Òun gan-an ló mú kí wọ́n gbẹ́ 1:7.

Ìṣirò Greenhill, tó ti wà láti ọdún 1879, rọrùn:

```
150 × 0.224 × 0.224 ÷ 0.99 = 7.6
```

0.224 ni ìbú ọta, 0.99 ni gígùn ọta 77 tó wọ́pọ̀, ínṣì ni méjèèjì; 7.6 ni iye ínṣì tó yẹ kí ọta náà fi yí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá 1:9 lọ́ra jù fún un nìyẹn; 1:8 tó sún mọ́ ọn tàbí 1:7 ni kẹ́ ẹ wá. Fún ọta tó ń sáré ju ẹsẹ̀ bàtà 2800 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi 55, 180 ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò 150.

Bí ẹni tó ń tà á ò bá kọ ìyí sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ rí i pé ìbọn ò ní ọta nínú, kẹ́ ẹ yọ bóòtì rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó fún dáadáa sórí ọ̀pá ìnu-ìbọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ẹ tì í wọlé díẹ̀, kẹ́ ẹ fàlà sára rẹ̀ níbi tó ti wọnú ìbọn. Ẹ tún máa tì í títí á fi yí po lẹ́ẹ̀kan, ẹ fàlà kejì, kẹ́ ẹ wọn àárín méjèèjì. Aṣọ tó bá dẹ̀ máa ń yọ̀ lórí ilà, iye tó máa fún yín á sì pọ̀ ju òótọ́ lọ.