Àgbéyẹ̀wò: Àwọn tó bá mi kọ lẹ́tà sí àjọ ilé kíkọ́ nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ mi dúró

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n bá onílé kọ lẹ́tà sí àjọ tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́: ẹ ó kún fọ́ọ̀mù, ẹ ó fi ẹ̀dà ìwé yín ránṣẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà, ẹ̀yin á fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ká ní èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni mo fi ránṣẹ́, ì bá dá wàhálà sílẹ̀.

Ilé alájà méjì là ń kọ́. Pílàánù àkọ́kọ́ fi àtẹ̀gùn sí ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní kí á gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ kí bíìmù ẹ̀yìn má bàa gùn jù. Ayàwòrán ilé fi pílàánù àtúnṣe sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ, nígbà tó sì yá, a rí i lójú ìkànnì wọn pé wọ́n ti fara mọ́ ọn. Agbaṣẹ́ṣe wa bẹ̀rẹ̀ sí í to irin dẹ́kì, ó fi àyè àtẹ̀gùn sílẹ̀ níbi tí pílàánù tuntun fi í sí. Olùbẹ̀wò dé, pílàánù àkọ́kọ́ ló mú lọ́wọ́, ó rí i pé àyè àtẹ̀gùn kò sí níbi tó yẹ kó wà, ló bá lẹ ìwé ìdáṣẹ́dúró mọ́ òpó iwájú. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju pé iṣẹ́ kò bá pílàánù tí a fọwọ́ sí mu. Kò sọ ojú ewé pílàánù tó ń tọ́ka sí, kò sì sọ bóyá gbogbo ilé ni tàbí dẹ́kì nìkan. Bẹ́ẹ̀, kòtò ìdọ̀tí tí a ti gbẹ́ lẹ́bàá fẹ́ǹsì ṣì wà ní ṣíṣí, òjò sì ń bọ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ fún mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀: “A tọrọ àforíjì fún bí a ṣe rú òfin ìkọ́lé.” Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè là ń bi àjọ, a kò tíì mọ òfin tí wọ́n ní a rú, ẹnu onílé sì ti jẹ́wọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wá di owó ìtanràn, gbólóhùn yẹn ni wọn yóò fi hàn. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò ní ẹ̀bẹ̀ nínú, kò sì ní ìjà: “A rí ìwé yín gbà, a sì dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an. A fẹ́ kí ẹ jọ̀wọ́ là wá lóye lórí àwọn kókó wọ̀nyí kí a lè ṣe ohun tí ẹ béèrè.”

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Wọ́n kọ ọ́ pé bí àjọ kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ méje, a ó gbà pé a lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìdákẹ́jẹ́ ọ́fíìsì kì í ká ìwé ìdáṣẹ́dúró kúrò nílẹ̀. Ìwé mìíràn láti ọ̀dọ̀ àjọ ló ń ká a. Ẹni tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ láìrí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun, tó sábà máa ń le ju èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a dúró lọ. Nígbà tí mo pè wọ́n, akọ̀wé tó dá mi lóhùn ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ fún èmi.” Wọ́n fi gbólóhùn mìíràn sí i, pé a ò ní ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀ náà títí ìwé ìyọ̀ǹda yóò fi tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ó kù síbi kan, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé wọ́n mọṣẹ́. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ohunkóhun wà nílẹ̀ tó lè di ewu bí iṣẹ́ bá dúró pẹ́. Mo sọ ti kòtò. Wọ́n sọ ọ́ di ìbéèrè tó dá dúró nínú lẹ́tà: ṣé àjọ gbà kí á fi pákó àti òpó gbé ògiri kòtò ró, kí á sì ṣe ọgbà yí i ká, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn? Ní ọ̀pọ̀ ibi, àjọ máa ń gba irú iṣẹ́ ààbò bẹ́ẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ó dára kí ìyọ̀ǹda náà wà lákọsílẹ̀ kí olùbẹ̀wò tó bá tún kọjá má bàa rí káfíńtà níbẹ̀ kó sì rò pé a ti rú àṣẹ.

Àwọn ìbéèrè yòókù ṣe ṣókí. Ojú ewé pílàánù wo ni iṣẹ́ kò bá mu? Ṣé dẹ́kì nìkan ni ìdádúró náà bá, àbí gbogbo ilé? Kí ni ẹ fẹ́ rí kí ẹ tó ká a kúrò, ta ni yóò sì wá yẹ̀ ẹ́ wò? Òkè lẹ́tà ni nọ́ńbà ìwé àṣẹ, nọ́ńbà ìwé ìdáṣẹ́dúró àti ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ wà. Ẹ̀dà ìwé náà, ojú ewé pílàánù àtúnṣe àti fọ́tò irin dẹ́kì tó ní ọjọ́ lára ni a so mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ owó tí a ti ná kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó rí.

Mo fara mọ́ lẹ́tà tí wọ́n kọ lórí ìdádúró yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ pa á pọ̀ mọ́ ìbéèrè lórí ibi tí pílàánù àtúnṣe dé. Àwọn tó ń yẹ pílàánù wò kì í sábà jẹ́ àwọn tó ń bẹ ibi iṣẹ́ wò. Bí lẹ́tà kan bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó lè jókòó sórí tábìlì ẹni tó mọ ìdajì. A pín in sí méjì, èkejì sì béèrè nǹkan kan péré: ṣé wọ́n ti gbé ìwé àṣẹ àtúnṣe náà jáde, àbí wọ́n kàn fara mọ́ pílàánù? Ìdáhùn sí èyí ló tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Wọ́n ti fara mọ́ ọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe kò tíì wọlé, nítorí náà wọn ò tíì lu òǹtẹ̀, pílàánù náà ò sì tíì dé inú fáìlì tí olùbẹ̀wò ń lò. Lójú ìkànnì, ọ̀rọ̀ kan náà ló dúró fún méjèèjì.

Lẹ́yìn tí a san owó náà, a gba pílàánù olóǹtẹ̀, a sì pe olùbẹ̀wò kó wá wo irin kí á tó da kọnkéré. Èsì lẹ́tà àkọ́kọ́ ti sọ pé dẹ́kì àti àtẹ̀gùn nìkan ni ìdádúró bá, pé a lè gbé kòtò ró. Ìwé tó ká a kúrò tẹ̀lé e.

Ohun tó kù kí wọ́n tún ṣe: wọn ò sọ fún mi rárá pé ó ní iye ọjọ́ tí èèyàn ní láti pe ìdáṣẹ́dúró níjà, pé lẹ́tà ìbéèrè kì í sábà dá ọjọ́ yẹn dúró. Ẹ̀yìn ìwé ìdáṣẹ́dúró ni mo ti kà á. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó kún fọ́ọ̀mù. Bí ìwé yín bá sì sọ pé ilé fẹ́ wó, ẹ má tíì wá akọ̀wé, ẹnjiníà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí ìròyìn rẹ̀ ni àjọ yóò bèèrè.