Áàpù tó ń tọ́jú páásíwọ̀ọ̀dù mi: ohun tójú mi rí lọ́jọ́ Ẹtì

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ti kọjá ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀. Ìyá kan jókòó tì mí, owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, aago mẹ́rin sì ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Mo ṣí sáìtì tí mo fi ń bá àwọn oníbàárà sanwó. Tẹ́lẹ̀, ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù jọ ń wà lójú kan ni, áàpù mi á sì kọ méjèèjì wọlé kí n tó ṣẹ́jú. Wọ́n ti wá pín in sí méjì: ímeèlì nìkan lójú àkọ́kọ́, páásíwọ̀ọ̀dù lójú kejì.

Lójú àkọ́kọ́, áàpù ò kọ nǹkan kan. Mo fọwọ́ ara mi kọ ímeèlì, mo tẹ Next. Lójú kejì ó kọ páásíwọ̀ọ̀dù, sáìtì ní kò tọ̀nà. Mo tún un ṣe, kò tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ti àkáǹtì mi pa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìyá náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń so ẹnu ọ̀rá yẹn, ó sì ń tú u. "Ẹ má bínú, Mà," lèmi ń wí ṣáá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje, mo sáré mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a san án.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ní kí n yọ áàpù kúrò, kí n tún un gbé wọlé. Mo fi dátà mi ṣe é, ibi tó wà náà ló ṣì wà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn, kò ka ohun tí mo kọ rárá.

Ẹnì kejì ló mọ iṣẹ́. Ìbéèrè méjì ló bi mí: ṣé mo pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù láìpẹ́ yìí? Tí mo bá wá orúkọ sáìtì náà nínú áàpù, mélòó ló máa jáde? Mo wò ó, méjì ló jáde. Ọ̀kan ní ímeèlì mi, èkejì ò ní orúkọ kankan. Àṣé nígbà tí mo pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù, ojú ìwé tí mo wà ò ní àpótí ímeèlì. Áàpù ò mọ ẹni tó ni páásíwọ̀ọ̀dù tuntun, ló bá ṣí àkọsílẹ̀ mìíràn fún un, tí kò lórúkọ. Èyí tó ní ímeèlì ṣì gbé ti àtijọ́ dání, òun ló sì ń kọ wọlé. Mo kó páásíwọ̀ọ̀dù tuntun sínú èyí tó ní ímeèlì, mo gbìyànjú rẹ̀, ó wọlé, mo tó pa èyí tí kò lórúkọ rẹ́.

Ó ku ojú àkọ́kọ́. Ó ní kí n fi bọ́tìnnì ọ̀tún ara máòsì tẹ àpótí ímeèlì, kí n yan Inspect, kí n fi ìlà tó bá yọ ránṣẹ́:

```html
<input type="text" name="acct_ref" autocomplete="off">
```

Ó ṣàlàyé pé àpótí páásíwọ̀ọ̀dù ni áàpù kọ́kọ́ máa ń wá, àpótí tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń mú bí ti orúkọ. Ojú àkọ́kọ́ ò ní páásíwọ̀ọ̀dù, `acct_ref` ò sì jọ ímeèlì. Ká ní àwọn tó ṣe sáìtì kọ `autocomplete="username"` síbẹ̀ ni, ì bá dá a mọ̀. Torí náà, ẹ̀bi kì í ṣe ti áàpù nìkan. Mo fi ààyè kan kún àkọsílẹ̀ mi, mo sọ ọ́ ní `acct_ref` gẹ́lẹ́, mo fi ímeèlì mi sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún ojú ìwé náà ṣí lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi orúkọ yẹn wéra. Àwọn sáìtì kan máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, ọgbọ́n yìí ò sì ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. Kí ló dé tí áàpù ò lè béèrè ẹni tó ni páásíwọ̀ọ̀dù kó tó tọ́jú rẹ̀ láìlórúkọ? Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, líǹkì kan wọlé sórí Wáàsáàpù mi pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì mi pa. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú sáìtì mi gan-an ni mo rí, àmọ́ áàpù ò kọ nǹkan kan. Mo rò pé ìṣòro ti tẹ́lẹ̀ ló tún dé, mo ti ṣí áàpù, mo ti da páásíwọ̀ọ̀dù kọ, ó ku kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú mi bọ́ sí àdírẹ́sì lókè: lẹ́tà kan lé. Sáìtì olè ni. Áàpù mọ̀ pé àdírẹ́sì yẹn kọ́ ló wà nínú àkọsílẹ̀, ló ṣe dákẹ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, tí kò bá kọ nǹkan, àdírẹ́sì ni mo kọ́kọ́ ń kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Máàkì mi: 4 nínú 5. Mo ti san owó ọdún mìíràn. Ìyá yẹn ò tíì padà sí ṣọ́ọ̀bù mi.