Hítà omi lítà 50, wáàtì 1500: ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbóná, àti ohun tó ń já bíréékà

Hítà tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri balùwẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tó ń gba omi lítà 50, tí ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1500. Ẹ̀sùn méjì làwọn tó ń lò ó ní Àkúrẹ́ máa ń fi kàn án: omi kì í tètè gbóná, bíréékà sì ń já. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé iná tí kò lágbára ló ń fa méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí iná bá ṣe ń relẹ̀ ni iye ámpíà tí hítà ń fà náà ń dínkù, nítorí náà iná tó relẹ̀ kò lè torí hítà yìí já bíréékà.

Tí omi tó wọlé bá wà ní 26°C, tí a fẹ́ kó dé 60°C, wákàtí kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni yóò gbà bí iná bá pé 230 fóòtì. Agbára rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n bí iná ìrọ̀lẹ́ bá wálẹ̀ sí 180, wáàtì 1500 yẹn á di bíi 920, omi kan náà á sì gbà ju wákàtí méjì lọ.

Ẹ fi mítà ọwọ́ táwọn oníṣẹ́ iná ń lò wọn iná ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí hítà wà ní pípa, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní títàn. Tó bá jẹ́ 180 ni méjèèjì, láti ìta ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ 215 tẹ́lẹ̀ tó wá já sí 180 bí ẹ ṣe tan hítà, ojúkò wáyà kan ló ti dẹ̀, tàbí kí wáyà fúnra rẹ̀ tín-ín-rín jù. Ibẹ̀ ń gbóná gan-an, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ má dúró dọ̀la kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Àwọn oníṣẹ́ kan á ní èérí funfun tó lẹ̀ mọ́ ẹ́límẹ́ǹtì ló ń fa ìpẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn: inú omi náà ni gbogbo ooru ẹ́límẹ́ǹtì ń lọ. Ohun tí èérí yẹn ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ́límẹ́ǹtì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí awọ rẹ̀ á fi sán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíréékà ti bẹ̀rẹ̀.

Ámpíà 6.5 péré ni hítà yìí ń fà, bíréékà 16 kò sì gbọdọ̀ já fún ìyẹn. Tó bá jẹ́ bíréékà tó ní bọ́tìnì ìdánwò ló ń já, iná ń jò sínú omi tàbí sára ìdérí ni. Tó bá sì jẹ́ lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 15 ló ń já, ìsán ara ẹ́límẹ́ǹtì máa ń ṣí bó ṣe ń gbóná. Ẹ pa bíréékà, ẹ fi mítà rí i dájú pé kò síná mọ́, kí ẹ tó yọ wáyà méjì orí ẹ́límẹ́ǹtì. Láàárín ẹsẹ̀ ẹ́límẹ́ǹtì méjèèjì, mítà gbọ́dọ̀ ka bíi óòmù 35. Bó bá ka 53, ẹ́límẹ́ǹtì wáàtì 1000 ni wọ́n fi síbẹ̀, ìyẹn náà á sì mú omi pẹ́. Láàárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti irin ara hítà, mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan, òdo pàápàá. Bó bá kà, ẹ́límẹ́ǹtì ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe yọ wáyà ilẹ̀ kúrò kí bíréékà má baà já mọ́, bí àwọn kan ti ń ṣe: ara ẹni tó ń wẹ̀ ni iná á gbà lọ sílẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ba ẹ́límẹ́ǹtì hítà yìí jẹ́ ni àìlo fáàfù kékeré tó wá nínú páálí rẹ̀. Púlọ́ńbà máa ń jù ú nù nítorí pé ó ń kán omi. Ó yẹ kó máa kán: omi lítà 50 máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ bó bá gbóná. Fáàfù yẹn ni kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Láìsí i, bí tẹ́ńkì òkè bá gbẹ, tí ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, tí ẹlòmíràn sì ṣí ti ìsàlẹ̀, omi hítà á fà jáde, ẹ́límẹ́ǹtì á máa jó ní gbígbẹ. Níbi tí omi kì í dúró nínú tẹ́ńkì, bíi ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́, èyí kì í ṣọ̀wọ́n.

Ìdájọ́ mi ni pé kí ẹ rà á bí iná yín kì í bá wálẹ̀ ju 200 lọ, tí ẹ sì lè tàn án ṣáájú ìgbà tí ẹ fẹ́ wẹ̀; tẹ́ńkì rẹ̀ máa ń pa ooru mọ́ dáadáa. Bí iná yín kì í bá kọjá 170, lítà 30 ló dára jù fún yín. Nígbà tí ẹ bá sì ń pààrọ̀ ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ ra rọ́bà ìdí rẹ̀ tuntun pọ̀ mọ́ ọn, torí rọ́bà àtijọ́ á jò sórí ojúkò wáyà, bíréékà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í já.