Ìlà kan nísàlẹ̀, tàbí àkọlé gbàǹgbà lókè?

Ọ̀dọ́ olórin kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, gbé àwòrán ìbòjú méjì fún orin rẹ̀ wá bá mi, kí n mú ọ̀kan. Àkọlé orin náà ni "Ọ̀nà". Píksẹ́lì 3000 níbùú àti lóròó ni méjèèjì.

Nínú èkíní, àkọlé àti orúkọ rẹ̀ wà lórí ìlà kan nísàlẹ̀, lẹ́tà wọn ga ní 150. Ó dùn ún wò lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ di píksẹ́lì 64, bíi ti inú àtòkọ orin lórí fóònù, lẹ́tà náà ku bíi 3. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ Ọ pòórá, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ni tàbí ọnà.

Nínú èkejì, àkọlé nìkan ló gba òkè, lẹ́tà 600, orúkọ 250 nísàlẹ̀. Ní 64, àkọlé ṣì ga tó 13. Mo fẹ àmì abẹ́ náà dé 100 kó lè ku píksẹ́lì 2.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ò tíì ṣeé kà ní 64 o!"

Òótọ́ ni, àmọ́ áàpù ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Èkejì ni mo mú. Bí àkọlé bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, 600 ò ní gbà á; màá pín in sí ìlà méjì.