Àpótí Bíréékà Olójú 6 àti Olójú 12: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Sí Fúláàtì Tuntun?

Nígbà tí fúláàtì bá ti dé ibi tí wọ́n ń fa wáyà sínú páìpù, oníṣẹ́ iná yóò béèrè irú àpótí bíréékà tí ẹ fẹ́ kí ó lò. Méjì ni mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín. Èkíní ni olójú 6, tí kò ní ju súìṣì àgbà lọ lẹ́yìn àwọn bíréékà rẹ̀. Èkejì ni olójú 12, tí ó tún ní bíréékà tí ń ṣọ́ iná tó bá ń jò, èyí tí wọ́n máa ń kọ RCCB sí lára. Ẹ jẹ́ kí a fi fúláàtì oníyàrá méjì kan ní ìhà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀, onílé sì fẹ́ lo ẹ̀rọ amúlétutù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ họ́sípáwà 1.5, ẹ̀rọ amómigbóná oníwáàtì 3,000 kan, fíríìjì, àti pọ́ńpù tí ń fa omi láti inú kànga.

Kí a tó yan èyíkéyìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé nítorí wáyà ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà áḿpù sára bíréékà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí wáyà inú ògiri gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Wáyà 1.5 mm² tí ó wà nínú páìpù kò lè gbé ju nǹkan bí áḿpù 14 sí 17 lọ, ìdí nìyí tí a fi ń fi bíréékà 10 ṣọ́ wáyà gílóòbù. Wáyà 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, bíréékà 20 ni ó sì bá a mu. Bí páìpù bá gba abẹ́ òrùlé páànù kọjá, níbi tí ooru ti ń mú gidigidi lọ́sàn-án, agbára wáyà náà tún máa ń dín kù sí i. Bí ẹnì kan bá wá fi bíréékà 32 sórí wáyà 1.5, ohun tí ó ṣe burú gan-an, nítorí pé bí àwọn tí ń ṣe bíréékà ti ṣe é ni pé áḿpù 36 lè gba inú rẹ̀ kọjá fún wákàtí kan gbáko láìjẹ́ pé ó já. Rọ́bà wáyà náà yóò ti máa yọ́, bíréékà kò sì ní sọ nǹkan kan.

Nínú àpótí olójú 6, ohun tí onílé wa fẹ́ lò pọ̀ ju ojú tí ó wà lọ. Oníṣẹ́ iná yóò fi ojú kan fún gbogbo gílóòbù, ọ̀kan fún sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àti ti yàrá, ọ̀kan fún ilé ìdáná pẹ̀lú fíríìjì, ọ̀kan fún ẹ̀rọ amómigbóná, ọ̀kan fún pọ́ńpù, yóò sì so ẹ̀rọ amúlétutù méjèèjì mọ́ ojú kan ṣoṣo tí ó kù, lórí wáyà 2.5 àti bíréékà 20. Bí a bá kàn ka áḿpù, kò sí wàhálà, nítorí pé méjèèjì kì í fà ju nǹkan bí 14 lọ bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí iná bá dé lẹ́yìn tí ó ti lọ ni ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjèèjì bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iná tí wọ́n fà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún, bíréékà á sì já. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀, ẹnì kan yóò yọ 20 kúrò, yóò fi 32 sí i, ariwo á sì dákẹ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń ní bíréékà tí ó ju wáyà lọ nìyí, àìtó ojú ni ó sì fà á.

Nínú olójú 12, ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀ọ̀kan yóò ní wáyà 2.5 àti bíréékà tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ C20 sí lára. Ẹ ṣàkíyèsí lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́ńbà náà. B20 máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá tó ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n C20 ń fara dà á títí dé ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá, nítorí náà òun ni ó tọ́ sí ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ńpù. Ẹ̀rọ amómigbóná wa, tí ó ń fa áḿpù 13, kò nílò ju B20 lọ lórí wáyà 2.5. Bí a bá pín gílóòbù sí ọ̀nà méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì sí pálọ̀, yàrá àti ilé ìdáná, tí fíríìjì sì ní tirẹ̀, ojú 10 ni a ó lò, méjì yóò sì ṣẹ́ kù fún ọjọ́ iwájú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá súìṣì àgbà àti RCCB wà nínú 12 tí wọ́n kà. Àwọn méjèèjì lè gba àyè 4, ojú 8 péré ni yóò sì kù yín lọ́wọ́.

RCCB ni ìyàtọ̀ kejì. Iná tí ó lọ àti èyí tí ó padà ni ó ń fi wé ara wọn. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ti tó 30 mA, á já kíákíá, èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ amómigbóná tí iná ń jò lára rẹ̀ là. Kò ṣọ́ wáyà tí ẹrù pọ̀ jù fún, nítorí náà kò lè rọ́pò bíréékà, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ́pò wáyà ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, pọ́ńpù àti ẹ̀rọ amómigbóná ni kí ẹ fi sẹ́yìn rẹ̀, kí gílóòbù má sì sí níbẹ̀, kí ilé má baà ṣókùnkùn bí ó bá já lóru. Àwọn níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, tí ó wà lẹ́yìn RCCB gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tiwọn tí a ń so wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá so ọ̀kan pọ̀ mọ́ ti gílóòbù, RCCB á dúró dáadáa bí gbogbo nǹkan bá wà ní pípa, ṣùgbọ́n yóò já gbàrà tí ẹ bá tan nǹkan kan. Àmì tí a fi ń mọ àṣìṣe oníṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé RCCB náà bàjẹ́.

Ní ti àkọlé, àpótí ńlá ni ó rọrùn láti kọ. Lórí olójú 6 wa, àkọlé kan yóò ní láti jẹ́ “Sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àti ti yàrá méjèèjì”, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣe yóò pa gbogbo wọn. Lórí olójú 12 a lè kọ “Amúlétutù yàrá ẹ̀yìn, C20, wáyà 2.5”. Ìwọ̀n wáyà tí a kọ síbẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju orúkọ yàrá lọ, nítorí òun ni yóò dá ẹni tí ó bá mú 32 wá lọ́jọ́ kan dúró. Ẹ má gba àkọlé gbọ́ láìdán an wò. Ẹ pa gbogbo bíréékà, ẹ tan ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ gbé tábìlì-láḿpù kiri gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ ohun tí ó tan. Inú àpótí gan-an ni kí ẹ lẹ àkọlé mọ́. Níbi tí fúláàtì mẹ́rin bá ti ní àpótí kan náà, ìdérí wọn lè pààrọ̀ nígbà tí akunlé bá tú wọn.

Fún yàrá kan tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tàbí amómigbóná, olójú 6 tó, bí ẹ bá fi RCCB kún un. Fún fúláàtì wa yìí, olójú 12 ni mo fara mọ́, kódà bí ẹ bá máa ra bíréékà díẹ̀ ní àkọ́kọ́ kí ẹ sì fi ike bo àwọn ojú yòókù. Ẹ wo ara bíréékà kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n kọ 6000, ìyẹn áḿpù tí ó pọ̀ jù tí ó lè gé láìbàjẹ́, sínú àpótí kékeré lára rẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì T tí ó wà lára RCCB nígbà tí iná bá dé, kí ẹ sì rí i pé ó já kí oníṣẹ́ tó kúrò nílé.